Bí A Ṣe Ń Ti Àkáǹtì Tẹ́tẹ́ Pa ní Bìrìtéènì, Kí Owó Inú Rẹ̀ Tó Há

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù orí fóònù ò ṣàjèjì sí àwọn èèyàn wa tó ń gbé Bìrìtéènì. Àkáǹtì rẹ̀ kì í pẹ́ ṣí rárá. Ọjọ́ téèyàn bá sọ pé òun ò ṣe mọ́ lọ̀rọ̀ máa ń dojú rú. Ibi tí wọ́n ti ń fi owó kún un wà lókè gbàgàdà, ó ń dán. Ibi tí wọ́n ti ń ti àkáǹtì pa, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fi sí. Nínú áàpù mìíràn, kò tiẹ̀ sí, àfi kéèyàn kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dá oníbàárà lóhùn.

Ohun mẹ́ta ni èèyàn lè béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́, wọ́n sì jọra létí. Ó lè ní kí wọ́n san owó òun fún òun. Ó lè ní kí wọ́n ti àkáǹtì òun pa. Ó sì lè ní kí wọ́n dènà òun pátápátá fún ìwọ̀n àkókò kan, débi pé bí òun bá padà wá bẹ̀bẹ̀ lọ́la, wọn ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta yìí ni ẹ máa rí lójú fóònù gẹ́gẹ́ bí Self-exclusion. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta ṣe pàtàkì gan-an. Àkáǹtì tí wọ́n kàn tì pa, ímeèlì kan ṣoṣo lè mú kí wọ́n ṣí i padà. Ẹni tí tẹ́tẹ́ ti ń yọ lẹ́nu, tó wá kọ̀wé pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti àkáǹtì mi pa" láìsọ ìdí, ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ló tì yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé ọkùnrin kan wà, Adé lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́bọ̀ ló pinnu pé òun fẹ́ jáwọ́. Áàpù rẹ̀ sọ pé 170 pọ́ùn ló wà nínú àkáǹtì. Kó má tíì yọ̀ o. Nígbà tó tẹ ibi tí wọ́n kọ Withdraw sí, ó rí i pé 120 pọ́ùn péré ló lè jáde. Bónọ́ọ̀sì tí ilé iṣẹ́ fún un ni 50 tó kù, kò sì tíì ta tẹ́tẹ́ tó iye tí wọ́n fi ṣe àdéhùn kó tó lè di tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀tì 10 pọ́ùn kan ṣì wà nílẹ̀ lórí ìdíje ọjọ́ Sátidé. Ìyẹn ò sí nínú 170 yẹn rárá.

120 yẹn ni tirẹ̀. Láti ọdún 2018 tí àjọ tó ń mójú tó ìdíje ọjà ní Bìrìtéènì ti gbéjà ko àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ńláńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti di àṣà pé wọn ò gbọdọ̀ fi bónọ́ọ̀sì de owó tí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ fi sí i. 50 yẹn ní tiẹ̀, á bá àkáǹtì lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí Adé má ṣe tìtorí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ kan sí i. Ẹni tó ń lé bónọ́ọ̀sì kiri kó tó jáde, àfàìmọ̀ kó má sọ 120 rẹ̀ nù níbẹ̀.

Ó yẹ kó yọ 120 náà lọ́jọ́bọ̀ yẹn gan-an, kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ ti àkáǹtì pa. Ìdí ni pé bí wọ́n bá ti tì í, kò ní lè wọlé mọ́, gbogbo àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde á sì kúrò níwájú rẹ̀. Nítorí náà, kó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ níbi tí iye owó hàn sí, kó wa ìtàn àkáǹtì náà jáde, kó sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n fún un nígbà tó tẹ owó jáde sílẹ̀. Láyé àtijọ́, owó téèyàn bá ti ní kí wọ́n san ṣì máa ń wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí ọwọ́ lè ta á, kó tún dá a padà sínú tẹ́tẹ́ lóru. Àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gambling Commission, ti fòfin de ìyẹn láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2021. Owó tó bá ti gbéra, ó ti gbéra.

Inú káàdì tàbí àkáǹtì bánkì tí Adé fi sanwó ni wọ́n máa ń dá a padà sí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi tẹ́tẹ́ fọ owó burúkú. Ibí yìí ni orúkọ wa ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Èèyàn á fi "Ade" ṣí àkáǹtì tẹ́tẹ́, "Adewale Olamide" ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù, bánkì sì kọ "A. O." sórí káàdì. Obìnrin tó ti lọ́kọ á ní orúkọ bàbá rẹ̀ níbì kan, ti ọkọ rẹ̀ níbòmíràn. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé orúkọ yín ò bára mu, ẹ tètè ní kí wọ́n tún un ṣe kí ẹ tó tẹ owó jáde, kí ẹ sì fi ìwé tí orúkọ méjèèjì hàn nínú rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí àkáǹtì bánkì rẹ̀ àtijọ́ ti kú náà á ní láti fi ìwé bánkì tuntun tó ní orúkọ ara rẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ má dábàá pé kí wọ́n san án sí àkáǹtì ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó yín, wọn ò ní gbà.

Ẹjọ́ tó pọ̀ jù ni ti ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìgbà téèyàn bá ní kí wọ́n san owó òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè pásípọ́ọ̀tù, ìwé iná àti ìwé owó oṣù. Òfin ti dá sí i. Láti ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n gbọ́dọ̀ ti mọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí oníbàárà kó tó lè ta tẹ́tẹ́ rárá, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ohun tí wọ́n lè ti béèrè tẹ́lẹ̀ dí owó rẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí òfin mìíràn bá ní kí wọ́n wádìí, bíi ti owó tí wọ́n fura sí, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ìbéèrè tó dára láti bi wọ́n ni pé kí ló dé tí wọn ò béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba owó.

Bẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Sátidé ńkọ́? Bí Adé bá lè fọwọ́ lẹ́rán dúró, kó jẹ́ kí ìdíje náà parí. Bó bá jẹ, kó yọ èrè rẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá kọ̀wé. Ìwé náà ò gbọdọ̀ gùn. Kó kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú àkáǹtì, ímeèlì tó fi ṣí i, iye owó tó ṣì kù nínú rẹ̀ àti káàdì tó fẹ́ kí wọ́n san án sí. Kó ní kí wọ́n ti àkáǹtì pa, kí wọ́n má fi ìpolówó ránṣẹ́ sí òun mọ́, kí wọ́n sì fèsì pé àwọn ti ṣe é. Bó bá jẹ́ pé pọ́ùn mẹ́ta ló ṣẹ́kù, tí áàpù sì ní òun ò lè san ohun tí kò tó mẹ́wàá, inú ìwé yìí ni kó ti béèrè rẹ̀. Owó kékeré náà, owó ni.

Ṣùgbọ́n bí Adé bá mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kó tó di Sátidé òun á ti tún ta òmíràn, kó má dúró de bẹ́ẹ̀tì kankan. Kó béèrè fún Self-exclusion lójú ẹsẹ̀. Òfin ní kí ilé iṣẹ́ ti àkáǹtì rẹ̀ pa, kí wọ́n dá owó inú rẹ̀ padà fún un, ó kéré tán oṣù mẹ́fà sì ni. Bẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀, bí àdéhùn ilé iṣẹ́ náà bá ṣe wí ni wọ́n á ṣe é. Bó bá fẹ́ dènà gbogbo ilé iṣẹ́ orí ayélujára tó ní ìwé àṣẹ Bìrìtéènì lẹ́ẹ̀kan náà, GAMSTOP ló máa lọ. Ọ̀fẹ́ ni, èèyàn á yan oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún. Kó kọ gbogbo orúkọ, ímeèlì àti àdírẹ́sì tó ti lò rí síbẹ̀, nítorí ìwọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀. GAMSTOP ò kì í di owó ẹnikẹ́ni mú, kò sì lè gbà á fúnni. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ lowó wà, àwọn lèèyàn á kọ̀wé sí.

Bí wọ́n bá ń fi òní dónìí fọ̀la dọ́la, ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì gbangba pé "This is a complaint", nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá gba ẹ̀sùn lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí òfin fún wọn láti dáhùn ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá pé tí ọ̀rọ̀ ò yanjú, tàbí tí wọ́n ti fèsì ìkẹyìn tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ onílàjà tí ilé iṣẹ́ náà kọ orúkọ rẹ̀ sínú àdéhùn wọn. IBAS ni ọ̀kan lára wọn. Oníbàárà kì í sanwó fún un. Gambling Commission fúnra rẹ̀ kì í gba owó padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ má jókòó tì í. Ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá sì ti sọnù lè béèrè ẹ̀dà gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ lábẹ́ òfin ìpamọ́ ìròyìn ẹni. Oṣù kan ni wọ́n sábà ní láti fi dáhùn.

Gbogbo èyí, ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ni mo ń sọ o. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ wà nísàlẹ̀ ojú ìkànnì wọn, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé orúkọ tí Gambling Commission ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ò ní onílàjà, àwọn ló sì máa ń sọ pé kí oníbàárà kọ́kọ́ san owó orí kí owó rẹ̀ tó lè jáde. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ní Bìrìtéènì kì í san owó orí lórí ohun tó bá jẹ. Ẹni tó bá ní kí ẹ san án, olè ni.