Àpótí Ìpamọ Tẹ́ Ẹ Fọwọ́ Ara Yín Kàn: Wáyà, Fúúsì àti Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Ti Pe Oníṣẹ́ Iná

Ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn adìyẹ ló ń kan àpótí ìpamọ fúnra wọn báyìí, èyí tí wọ́n ń pè ní ínkúbétọ̀. Pákó díẹ̀, gílóòbù mẹ́rin, fáànù kékeré kan, abọ́ omi, àti ẹ̀rọ pélébé tó ń ka ooru, tó ń tan gílóòbù tó sì tún ń pa á: ohun tí wọ́n nílò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyin á sì là ní ọjọ́ kọkànlélógún. A kò kọ ìwé yìí láti ní kẹ́ ẹ má kàn án. A kọ ọ́ nítorí pé iná fóòtì 230 ló wọ inú pákó yẹn, omi wà nítòsí rẹ̀, ó ń gbóná tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọmọdé inú ilé kì í sì í yéé yọjú wò bóyá ẹyin ti là.

Ibi tí wáyà ń gbé

Ẹ má ṣe so wáyà pọ̀ nínú àpótí tí ẹyin wà. Omi inú abọ́ ló ń sọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ di ọ̀rinrin, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyin sì ṣe fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin yẹn kan náà ló ń dì mọ́ ojú wáyà tó bá wà ní ìhòòhò, tó ń mú kó dípẹtà, tó sì ń fún iná lọ́nà láti jò. Ẹ ra àpótí ike tó ní ọmọrí tí wọ́n ń fi sikúrúù dè, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò níbi tí wáyà ti ń pàdé. Ẹ kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìta, kó ga ju abọ́ omi lọ. Inú rẹ̀ ni gbogbo ìsopọ̀ yóò wà, pẹ̀lú ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ooru. Kìkì wáyà tó ń lọ sí gílóòbù àti fáànù, àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ka ooru, ló yẹ kó wọ ọ̀dọ̀ ẹyin. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò gbọ́dọ̀ fara kan wáyà iná nínú àpótí ike náà, torí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Sikúrúù ṣe pàtàkì lórí ọmọrí. Ọmọrí téèyàn lè fọwọ́ ṣí kì í ṣe ààbò, ọmọ ọdún mẹ́ta á ṣí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò: ihò tó bá fẹ̀ tó mìlímítà 12.5 ti gba ìka ọwọ́ wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí atẹ́gùn wọ ibẹ̀, ẹ lu ihò wẹ́ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ṣe lu ú sí orí níbi tí omi ti lè kán wọlé.

Ibi tí wáyà ti ń wọlé ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣó gbígbóná lu ike, tó sì ki wáyà bọ inú ihò náà, ti pèsè etí mímú sílẹ̀ tí yóò máa gé awọ wáyà nígbàkígbà tẹ́nikẹ́ni bá fà á. Gíláàndì ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, ìyẹn ohun roboto oníke tí wọ́n ń yí, tó ń fún wáyà mọ́ra pinpin. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yí i tán, ẹ fa wáyà náà gidi. Bí inú àpótí bá mì, tàbí tí wáyà bá yọ́ bọ̀ lọ́nà kankan, kò tíì dára. Nínú àpótí, ẹ jẹ́ kí wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, èyí tó lọ sí ilẹ̀, gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ́ okùn lọ́jọ́ kan tó sì já a, òun ni yóò já kẹ́yìn.

Kọnẹ́tọ̀ onísikúrúù ni kẹ́ ẹ fi so wáyà. Wáyà tí wọ́n lọ́ mọ́ra tí wọ́n wá fi téèpù dúdú wé á tú nínú ooru, torí àtè téèpù máa ń yọ́. Ní ti gílóòbù, ẹ lo ìdúró amọ̀, ẹ má lo oníke, ẹ sì fi àwọ̀n irin bò wọ́n kí ọmọ adìyẹ àti èérún pákó má bàa kàn wọ́n.

Fúúsì wáyà ni fúúsì

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tá à ń lò máa ń ní fúúsì nínú, èyí tó sì pọ̀ jù lọ lọ́jà ni ti ámpíà 13. Àwọn èèyàn rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ààbò ṣe pọ̀ tó. Òdì-kejì ni. Iṣẹ́ fúúsì ni kó já kí wáyà tó gbóná débi tí yóò gbiná, nítorí náà fúúsì tó dára ni èyí tó kéré jù lọ tó ṣì lè gbé ẹrù yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti àpótí wa yìí. Gílóòbù mẹ́rin tó jẹ́ wáátì 60 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 240. Fáànù kékeré lè gba 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáátì 260, tá a bá sì fi 230 pín in, díẹ̀ ló fi ju ámpíà 1 lọ. Fúúsì ámpíà 3 ló tọ́ sí i. Lóòótọ́, gílóòbù tó tutù máa ń fa iná púpọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n bá tàn án, ṣùgbọ́n ó ṣe kúkúrú débi pé fúúsì 3 kò ní já torí rẹ̀.

Wáyà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún irú iṣẹ́ yìí ni èyí tí wọ́n kọ 0.75 sí lára, kò sì yẹ kó gbé ju ámpíà 6 lọ. Bí ìdúró gílóòbù bá yọ́ tí iná sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́nà àìtọ́ títí ó fi tó ámpíà 15, fúúsì 3 yóò ti já. Fúúsì 13 ńkọ́? Kò ní já. Irú fúúsì bẹ́ẹ̀ lè gbé ámpíà 20 fún ìgbà pípẹ́, wáyà ni yóò sì máa jó lábẹ́ pákó tẹ́ ẹ gbé e lé. Ẹni tó wá fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fúúsì tó ti já kò ní fúúsì mọ́ rárá.

Fúúsì púlọ́ọ̀gì gidi, amọ̀ funfun ni ara rẹ̀, iyanrìn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ BS 1362 sí i. Ẹ má ṣe fi fúúsì onígíláàsì rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí fúúsì kò lè rí

Ká ní ẹnì kan ò rí àpótí ike, ó wá lo àpótí irin tó ti wà nílé. Etí ihò gé awọ wáyà, láìfù sì kan irin. Bí kò bá sí wáyà ilẹ̀ lára irin náà, nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Gílóòbù á ṣì máa tàn, ẹyin á ṣì máa gbóná, fúúsì kò ní já, torí iná kò tíì rí ibi tí yóò gbà lọ. Ẹni tó bá fọwọ́ kan àpótí náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tútù ni yóò fún un lọ́nà. Iná tó lè gba ara èèyàn kọjá nírú àkókò yẹn kò sábà ju ìdá mẹ́rin ámpíà kan lọ. Ó tó láti pa èèyàn, ṣùgbọ́n fúúsì 3 kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Wáyà ilẹ̀ ló yẹ kó yanjú èyí, àmọ́ ìgbà tí ilẹ̀ náà bá dára ló lè ṣe é. Irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ní ìdènà tí wọ́n ń fi óòmù wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ óòmù 20, iná tí yóò sá gba ibẹ̀ jẹ́ 230 tá a fi 20 pín, ìyẹn ámpíà 11.5. Fúúsì 3 á já kíákíá, fúúsì 13 á dúró síbẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú, ìdènà yẹn lè gòkè dé óòmù 100. Ámpíà 2.3 péré ni yóò kọjá nígbà náà, fúúsì méjèèjì ò sì ní já.

Ìdí rèé tá a fi ń sọ pé kẹ́ ẹ lo ike, kẹ́ ẹ má lo irin, tẹ́ ẹ kò bá mọ bí ilẹ̀ ilé yín ṣe rí. Ohun tó ń ṣọ́ èèyàn fúnra rẹ̀ ni bíríkà tí wọ́n kọ RCCB sí lára, tó ń já nígbà tí iná tó ń jò bá dé mílíámpíà 30. Ibi tí bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ T sí bá wà lára rẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá já nígbà tí iná wà, ó ti kú.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan inú àpótí

“Kò síná” kì í ṣe ààbò. Iná lè dé láìkìlọ̀ nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà lára wáyà. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ sì gbé e sí ibi tí ojú yín á ti máa rí i. Bí iná bá gbé ẹnì kan, ẹ pa iná náà ní súìṣì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹni náà.

Ibi tí ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ dúró

Púlọ́ọ̀gì ni ààlà. Ohun tó wà láàárín púlọ́ọ̀gì àti gílóòbù, ẹ lè ṣe é pẹ̀lú sùúrù. Ohun tó wà lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, dé bíríkà, dé mítà, iṣẹ́ ẹni tó níwèé ẹ̀rí ni. NEMSA, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló ń yẹ iṣẹ́ iná wò, tó sì ń fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe níwèé. Ẹ béèrè ìwé náà, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ pe oníṣẹ́ iná bí fúúsì tuntun bá já lẹ́ẹ̀kejì láìsí ìdí tẹ́ ẹ rí. Ẹ pè é bí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń pọ́n tàbí tó ń rùn, tàbí tí irin fìríìjì bá ń ta yín lọ́wọ́. Bí iná yàrá kan bá ń mọ́lẹ̀ jù nígbà tí ti òmíràn ń ṣe bàìbàì, ẹ pa gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè é, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nútírà ti já, fóòtì tó wọ àwọn yàrá kan sì lè ga ju 230 lọ fíìfíì. Jẹnẹrétọ̀ náà wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Wáyà olórí méjì tí wọ́n ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti inú jẹnẹrétọ̀ ń rán iná padà sórí òpó, ó sì lè pa ẹni tó ń tún òpó ṣe. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré kò so nútírà mọ́ ilẹ̀, lórí irú wọn RCCB lè má ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ ní kó wọn ilẹ̀ ilé yín, kó sọ iye óòmù rẹ̀ fún yín, kó sì dán RCCB wò. Tẹ́sítà onísikúrúù-díráfà tó ń tan pupa kò lè sọ bí ilẹ̀ ṣe rí, láìfù nìkan ló ń fi hàn. Oníṣẹ́ iná tó bá kàn fi tẹ́sítà yẹn kan sọ́kẹ́ẹ̀tì yín, tó ní ilẹ̀ dára, ẹ kí i pé ó ṣeun, kẹ́ ẹ sì pe ẹlòmíràn.