Kí Àmì Má Gbẹ̀yìn Lẹ́tà

Ìlà orin ìgbéyàwó kan wà tí mo máa ń rántí nígbàkígbà tí mo bá jókòó ti fídíò ọ̀rọ̀ orin, irú èyí tí ọ̀rọ̀ ti ń yọ, tó ń fò, tó ń jó lójú fídíò bí olórin ṣe ń kọ ọ́. Ohun tí olórin náà kọ sínú ìwé fún mi ni "Ọkọ̀ ayọ̀ ti gúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa." Ó ní kí lẹ́tà máa bọ́ sójú fídíò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń fi táípù tẹ̀wé. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo gbé e fún ìyá tó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwa, mo ní kí wọ́n bá mi wò ó. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ọkọ ló dé ni, àbí ọkọ̀?"

Mo tún ìlà náà wò. Àmì ohùn wà lórí gbogbo ibi tó yẹ kó wà. Nígbà tí mo wá ń sún fídíò náà síwájú díẹ̀díẹ̀, fírémù kan lẹ́yìn òmíràn, ni mo rí ohun tí ìyá rí. Lẹ́tà ọ tó kẹ́yìn kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ láìní àmì. Lẹ́yìn fírémù mẹ́ta ni àmì tó wá jókòó lé e lórí. Fírémù mẹ́ta kò ju bí ìdámẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ṣùgbọ́n láàárín àkókò yẹn, ọkọ ló wà lójú fídíò, kì í ṣe ọkọ̀. Orin ìgbéyàwó sì ni. Ojú tó ti ń retí ọkọ ìyàwó tẹ́lẹ̀ kò ní dúró de àmì kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá nìyí. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. À ní nọ́ńbà tirẹ̀ lódindi, torí àwọn Faransé àti ọ̀pọ̀ èdè mìíràn ń lò ó. Ọ náà ní tirẹ̀, torí wọ́n ń lò ó ní Fiẹtnámù. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará Fiẹtnámù, kíkán tó wà lábẹ́ lẹ́tà gan-an ni àmì ohùn, nítorí náà wọn kì í tún fi àmì ohùn mìíràn lé e lórí. Àwa la nílò kíkán nísàlẹ̀ àti àmì lókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀. Méjì ni kọ̀ǹpútà máa ń tò tẹ̀ léra: U+1ECD fún ọ, lẹ́yìn náà U+0300 fún àmì ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́, ẹ̀ àti ẹ́ rí. Bí a bá wá sọ fún ẹ̀rọ pé kó gbé lẹ́tà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè ka ọ̀ sí méjì, kó gbé ara jáde ṣáájú, kí àmì wá máa sáré tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi àrà sí i, tó ní kí lẹ́tà máa yí gbirigbiri kó tó balẹ̀, yóò rí i pé àmì ń yí lọ́tọ̀, lẹ́tà ń yí lọ́tọ̀.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé ọ̀rọ̀ lódindi ni mo ń mú rìn. Nínú After Effects, apá kan wà níbi tí a ti ń tún ìrìn ọ̀rọ̀ ṣe tó ń jẹ́ Based On. Characters ni yóò wà níbẹ̀, èmi a yí i sí Words. Ọkọ̀ á wá wọlé pẹ̀lú kíkán rẹ̀ àti àmì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olórin bá takú pé òun fẹ́ kí ojú máa tẹ̀ lé ohùn, àwọ̀ ni mo fi ń ṣe ìyẹn. Ìlà á ti dúró pátá ní funfun, kí àwọ̀ òféefèé wá máa gba sílébù kan lẹ́yìn òmíràn bí ẹnu ṣe ń dé ibẹ̀. Èyí dára lójú mi ju kí lẹ́tà máa fò kiri lọ, torí ẹni tó ń wò ó lè ka ìlà náà tán kí ohùn tó bá a.

Fóǹtì náà ṣe pàtàkì, àmọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba àkókò. Kí a tó yan fóǹtì kankan, kí a tẹ ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́ ṣ ń ǹ m̀, kí a tún tẹ àwọn ńlá wọn, kí a sì mú wọn tóbi kún ojú kọ̀ǹpútà. Bí àmì bá yẹ̀ sápá ọ̀tún, tàbí tó lọ gun lẹ́tà kejì, tàbí tí ẹ́ sanra ju àwọn tó kù lọ bíi pé ilé mìíràn ni wọ́n ti yá a wá, fóǹtì yẹn kò ṣeé lò. Noto Sans àti Andika kò tíì já mi kulẹ̀ lórí èyí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ìlà méjì, a ní láti fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìwọ̀n lẹ́tà, kí kíkán ìlà òkè má baà lọ gún àmì ìlà ìsàlẹ̀.

Àwọ̀ lè pa àmì jẹ láìjẹ́ pé a tètè mọ̀. Fídíò tí a ń wò lórí fóònù kì í tọ́jú àwọ̀ bó ṣe ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀. Àmì ìmọ́lẹ̀ wà fún gbogbo ojú àwòrán, ṣùgbọ́n ojú mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan lò. Odindi lẹ́tà tóbi tó láti fara da ìyẹn. Àmì ohùn àti kíkán kò tóbi tó. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ pupa sórí ewé tútù tí ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì jọra, lẹ́tà á hàn, àmì á sì yọ́ sínú ewé. Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kí a yọ gbogbo àwọ̀ kúrò nínú àwòrán náà, kó ku dúdú àti funfun. Bí àmì bá ṣì hàn ketekete, ó dára.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló gba ọpọlọ jù. Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fíìmù Gẹ̀ẹ́sì máa ń ka iye lẹ́tà tí ojú lè bá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 17 sí 20 ló wọ́pọ̀. Mo gbìyànjú láti lo 17 fún Yorùbá, kò bọ́ sí i. Ẹ wo ìlà wa bí olórin ṣe kọ ọ́ jáde lẹ́nu: "Ọkọ̀ ayọ̀ ti gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa." Bí èmi bá kà á, tí mo ka àyè àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, 28 ni. Kọ̀ǹpútà tó ka àmì tí kò ní nọ́ńbà àpapọ̀ lọ́tọ̀ yóò ní 33. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá lo kíbọ́ọ̀dù tó ń ya gbogbo àmì àti kíkán sọ́tọ̀, ó di 41. Ìlà kan náà wá nílò 1.6 ìṣẹ́jú àáyá lọ́dọ̀ ẹnì kan, 2.4 lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo fi lẹ́tà sílẹ̀, mo ń ka sílébù. Méjìlá ni ìlà yìí ní, bí ó ti wù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Látinú iṣẹ́ tí mo ti ṣe, sílébù márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni òǹwòran lè kà láìsáré, bí àmì bá pé.

Orin náà ń lu ẹ̀ẹ̀ 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ìlù kan jẹ́ 0.6 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn fírémù 15 nínú fídíò tó ń lo fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Olórin lo ìlù méje fún ìlà yẹn, ó sì sinmi fún ìlù kan. Sílébù 12 nínú 4.2 ìṣẹ́jú àáyá kò tó mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó rọrùn. Mo máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọlé ní fírémù mẹ́jọ ṣáájú ohùn: mẹ́fà fún ìrìn, méjì fún ìdúró jẹ́ẹ́. Bí ẹnu bá fi máa pe ọ̀rọ̀ náà, àmì ti balẹ̀, kò mì mọ́. Ibi tó le ni ẹsẹ kejì, níbi tí olórin ti da sílébù 16 sínú ìlù mẹ́rin. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èèyàn kò lè dá olórin dúró, ṣùgbọ́n a lè jẹ́ kí ìlà náà tètè dé kó sì pẹ́ kó tó lọ. Mo gbé e jáde ní ìlù kan ṣáájú ohùn, mo sì fi í sílẹ̀ fún ìlù kan lẹ́yìn ohùn. Àkókò rẹ̀ di 3.6 ìṣẹ́jú àáyá, sílébù 16 sì wá jẹ́ bíi mẹ́rin àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà tó kàn ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀ kó tó kúrò, nítorí náà mo jẹ́ kí èyí tí a ti kọ tán ṣú díẹ̀.

Ẹ ó ti kíyè sí i pé "sí ẹnu" ti di "sẹ́nu." Bí olórin ṣe kọ ọ́ lẹ́nu nìyẹn. Bí mo bá fi "sí ẹnu" sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé, sílébù kan á wà lójú fídíò tí kò sí lẹ́nu, àwọ̀ òféefèé kò sì ní mọ ibi tó máa gbà. Àmọ́ bí a bá pa í jẹ, ohùn òkè tó wà lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a lọ. Ọ̀dọ̀ ẹ ló ń kó lọ. Ẹni tó bá tẹ "sẹnu" ti da ìlà náà rú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbàgbé lẹ́tà kankan.

Ibì kan sì wà nínú ègbè tí orin fúnra rẹ̀ kò bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ. T. K. E. Phillips, tó jẹ́ olùlù ọ̀gáǹ ní kàtídírà Ṣọ́ọ̀ṣì Kírísítì ní Èkó, kọ ìwé jáde ní 1953 lórí bí orin àti ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe gbọdọ̀ wọnú ara wọn, síbẹ̀ olórin wa gbé "ọkọ̀" gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Etí nìkan kò lè dá ọkọ̀ mọ̀ níbẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ láìrìn rárá, mo mú un tóbi ju àwọn tó yí i ká, mo sì fún un ní ìlù méjì gbáko.

Nígbà tí mo tún gbé e lọ fún ìyá, mo pa ohùn fóònù, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ka ohun tí wọ́n bá rí sókè. Wọ́n ka "Ọkọ̀ ayọ̀" láìdúró. Orí "sẹ́nu" ni wọ́n ti fà sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi fírémù mẹ́rin kún àkókò tí ọ̀rọ̀ yẹn fi ń dúró kí àwọ̀ tó dé e.