Ìwé Àṣìṣe fún Ẹni Tó Ń Múra Ìdánwò JAMB

Ìdánwò JAMB ní ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì: 60 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ọmọ tó ń wá ẹnjiníà ní ọgbà LASU tó wà ní Ẹ̀pẹ́, tàbí ní LASUSTECH ní Ìkòròdú, kò lè sá fún ìṣirò. Yóò ṣe ìbéèrè àtijọ́, yóò ka máàkì, yóò sì ṣí òmíràn, láì mọ ohun tó mú un gba èyí tó gbà lódì.

Ìwé àṣìṣe ni yóò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan. Ìyá kan ra ẹja ní ₦40,000 lọ́jà Ẹ̀pẹ́, ó tà á ní ₦50,000. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni èrè rẹ̀? Ìdáhùn ni 25%. Ọmọ kan mú 20%, èkejì mú 2.5%, ẹ̀kẹta mú 10,000. Kò sí ẹni tó lè wo ìdáhùn lásán kó mọ irú àṣìṣe tó jẹ́. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, kó ka ìbéèrè sókè, kó tún un ṣe lórí ìwé tuntun láìsí aago.

Bí ó bá tún mú 20% wá, àìmọ̀ ni: kò mọ̀ pé owó tí a fi ra ọjà ni a fi ń díwọ̀n èrè, ó fi owó tí a tà á pín in. Bí ó bá rí 25% fúnra rẹ̀, tó sì rí ibi tí àmì ẹ̀sún ti ṣípò, ìkánjú ni. Bí ó bá jẹ́ pé bó ṣe ń kà á ló pariwo pé “Áà, wọn ò béèrè náírà!”, ó ṣi ìbéèrè kà ni.

Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé àṣìṣe náà: ọjọ́, ìbéèrè, ohun tó mú, irú àṣìṣe, àti gbólóhùn kan tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. “Mi ò farabalẹ̀” kò tó. “Mo fi 50,000 pín 10,000” ló wúlò. Kó kọ èyí tó méfò tó sì bọ́ sí i náà, nítorí àìmọ̀ ni, máàkì ló bò ó. Èyí tí àkókò kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò sí lára irú àṣìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Àìmọ̀ ń gba pé kó padà sínú ìwé ẹ̀kọ́. Ìkánjú ń gba àyẹ̀wò: 2.5% nínú ₦40,000 jẹ́ ₦1,000 péré, kò lè jẹ́ èrè ìyá yẹn. Ẹni tó ń ṣi ìbéèrè kà ní láti sọ ohun tí wọ́n béèrè lábẹ́ ètè kó tó wo àwọn ìdáhùn, pàápàá níbi tí “kì í ṣe” tàbí “àyàfi” bá wà.

Ibi tí ìwé yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé àwọn ọmọ a máa pe ohun gbogbo ní ìkánjú, torí pé ìkánjú kò ní kí wọ́n lọ kàwé. Bí ìkánjú kan náà bá wáyé lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹ̀kọ́ kan, àìmọ̀ ni kí wọ́n kọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó fi òǹkà mìíràn dán àìmọ̀ náà wò, kó sì yí ìbéèrè padà: wọ́n ta ẹja ní ₦60,000, èrè rẹ̀ jẹ́ 20%; èló ni wọ́n rà á? ₦50,000 ni. Bí ó bá sọ pé ₦48,000, ó ṣì ń fi owó títà díwọ̀n èrè, kò tíì lè pa ìlà yẹn rẹ́ nínú ìwé àṣìṣe rẹ̀.