Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí ìpín ilé-iṣẹ́ ṣe ń dọ́wọ́ aráàlú

Ọdún 2019 ni MTN Nàìjíríà wọ ọjà ìpín, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá 2021 ló tó pe aráàlú wá rà: mílíọ̀nù 575 ìpín, ₦169 ẹyọ kan. Ogún ìpín ló kéré jù téèyàn lè rà, ìyẹn ₦3,380. Ará Okokomaiko kò nílò láti dé Marina; orí fóònù, ní PrimaryOffer, ló ti lè rà á.

Kí ẹ tó ra ìpín, ẹ ka ìwé ìpolówó dáadáa kí ẹ lè mọ ẹni tí owó yín ń lọ bá. Nínú títà ti 2021 yìí, MTN Group ní Gúúsù Áfíríkà ló ta ìpín tirẹ̀, kì í ṣe pé owó wọ MTN Nàìjíríà láti fi gbòòrò.

Bí olùrà bá pọ̀ jù, ìpín yín lè dín. Wọ́n á dá owó tó kù padà. Ẹ má sanwó sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni ní Ìbà tàbí Ọ̀jọ́.