Kí ló dé tí omi gbígbóná fi ń pẹ́ dé kíṣìnì?

Ẹnìkan bi mí pé híta òun tó wà ní bálùwẹ̀ òkè ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ló wá dé tí omi tútù fi ń dà fún ìṣẹ́jú kan gbáko ní kíṣìnì ìsàlẹ̀? Híta kọ́, páìpù ni. Omi tó dúró sínú rẹ̀ ti tutù, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 20 ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lítà ní mítà kọ̀ọ̀kan. Tó bá gùn ní mítà 15, lítà 5 nìyẹn. Bí ẹ̀rọ omi yín bá ń tú lítà 4 jáde ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ó dúró ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ fi ike gbe omi tútù náà, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé lè fi páìpù kejì àti pọ́ǹpù kékeré dá omi náà padà sínú híta. Bí ẹ ò bá fẹ́ fọ́ ògiri, fáàfù kan wà tí wọ́n ń dè sábẹ́ síńkì: pọ́ǹpù á ti omi tó ti tutù sínú páìpù omi tútù, fáàfù á sì pa dé nígbà tí omi gbígbóná bá dé. Àléébù rẹ̀ ni pé omi tútù yín á kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, torí páìpù á máa tú ooru dànù, yúníìtì iná yín á sì máa lọ. Èyí tó ní bọ́tìnì ló dáa, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó fọ abọ́.

Ní tèmi o, tó bá jẹ́ síńkì kan ṣoṣo ni, híta kékeré lábẹ́ rẹ̀ ni mo máa rà.