Ríwáyà Tí Àwọn Mẹkáníìkì Ń Gbé Ọkọ̀ Wá Bá

Ríwáyà pọ̀ nínú ọgbà mẹkáníìkì. Àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì pọ̀. Àwọn tó ní síkánà lọ́wọ́ náà ti ń pọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ló ṣọ̀wọ́n, owó tó ń wọlé fún un kì í sì í pẹ́ fo ti àwọn tí wọ́n jọ ṣe fírídọ́ọ̀mù.

Ká mú Toyota Corolla tòkunbọ̀ kan tí iná ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tàn. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti sọ ihò OBD-II di dandan fún ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, nítorí náà síkánà olówó pọ́ọ́kú lè ka kóòdù rẹ̀: P0171. Ohun tíyẹn ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Kò sọ ohun tó fà á. Ẹni tó mọ síkánà nìkan á pa kóòdù náà rẹ́, iná á sì tún tàn tó bá yá. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tuntun. Owó ti lọ, iná ò kú.

Ríwáyà tá à ń wí yìí á wo nọ́ńbà tó ń yí lójú síkánà. Á ro SHRTFT1 àti LONGFT1 pọ̀, àwọn ló ń fi bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe ń bu epo kún un hàn. Ká ní ó jẹ́ +25% nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ tọ́tù. Á wá tẹ̀ ẹ́ dé 2,500 RPM. Bó bá já wálẹ̀ sí +5%, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan, bóyá rọ́bà kan ló ti sán. Ìdí ni pé ẹ́ńjìnnì tí a kò tẹ̀ kì í fa afẹ́fẹ́ púpọ̀, ihò kékeré á hàn gan-an nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tó ń fà bá ti pọ̀, ihò yẹn ò já mọ́ nǹkan mọ́. Bí nọ́ńbà bá ń ga sí i ńkọ́? Pọ́ǹpù epo, fílítà tàbí sẹ́ńsọ̀ MAF tó dọ̀tí ni kó lọ yẹ̀ wò.

Rọ́bà yẹn kò wọ́n. Wíwá àìsàn ọkọ̀ rí ni ríwáyà yìí ń gbowó lé, kó tó mú sípánà rárá, àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń gbé ọkọ̀ tó ti sú wọn wá. Bí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ríwáyà bá mọ ẹ́ńjìnnì, tí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá yẹn sì lè ka nọ́ńbà, ta ni oníbàárà fẹ́ fi iye rẹ̀ wé?

Ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ kan náà ni àwọn iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ti pàdé. Ríwáyà tó lọ kọ́ aṣọ rírán ti ní owó kékeré méjì ni, kò sí èyí tó gbé ìkejì ga. Síkánà lásán pàápàá kì í pa owó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, torí ó ti wọ́pọ̀. Ìyẹn ló fà á tí àwọn kan fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kọ́kọ́rọ́ oníkọ̀ǹpútà fún ọkọ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀ wọ́n, ẹni tó bá sì ń ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé ọkọ̀ wò, kó má lọ ṣe kọ́kọ́rọ́ fún olè.