Ìmọ́lẹ̀ Là Ń Wọ̀n, Kì í Ṣe Àwọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró sí ibùdókọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, mo ń fi fóònù ra iná sí mítà ilé mi. Owó ti lọ, ojú ìwé ti yí padà, nọ́ńbà tí n ó tẹ̀ sínú mítà sì yẹ kó ti jáde. Funfun nìkan ni mo rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ ní, “Bàbá, ẹ mú un wá kí n bá yín kà á.” Ó gbà á, ó fi ọwọ́ ṣíji bò ó, ó fún ojú pọ̀, ó sì dá a padà fún mi. “Bàbá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o.”

Nígbà tí mo délé, nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ rekete. Àwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí funfun. Mo ṣí ojú ìwé kan náà lórí kọ̀ǹpútà, mo wo àwọ̀ tí wọ́n lò, mo bá èyí:

```css
color: #999999;
background-color: #ffffff;
```

Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín àwọ̀ méjì yìí ṣeé wọ̀n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ràn eérú, ẹlòmíràn kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìwọ̀n náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ bá tàn bákan náà, ó sì máa ń parí sí 21, ìyẹn dúdú pátápátá lórí funfun pátápátá. Àjọ W3C ló fi ìwọ̀n yìí sínú ìlànà WCAG 2.0 tí wọ́n gbé jáde ní 2008. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ lásán kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 4.5 lọ. Ọ̀rọ̀ ńlá, tó tó píksẹ́ẹ̀lì 24, lè wálẹ̀ dé 3. Ìdí tó fi jẹ́ 4.5 ni pé 3 ni wọ́n kà sí ohun tó kéré jù fún ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Wọ́n wá fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, irú ojú àgbàlagbà bíi tèmi.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí iye náà? Ẹ wo #999999. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ dúró fún pupa, méjì àárín fún ewé, méjì ìparí fún búlúù, láti 00 dé FF. Bí a bá kà á bí a ṣe ń kawó, 99 yìí jẹ́ 153 nínú 255. Èèyàn á rò pé ìyẹn ni pé eérú yìí ń tan ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ funfun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà àwọ̀ kì í bá ìmọ́lẹ̀ rìn lẹ́sẹẹsẹ, nítorí náà ìṣirò kan máa ń kọ́kọ́ yí i padà. Lẹ́yìn ìyípadà náà, ìmọ́lẹ̀ eérú yìí kò ju 0.3185 lọ, tí a bá pe ti funfun ní 1. Ìgbà náà la tó pín in:

```
(L1 + 0.05) / (L2 + 0.05)
(1 + 0.05) / (0.3185 + 0.05) = 2.85
```

L1 ni èyí tó tàn jù, L2 ni èyí tó ṣókùnkùn jù. Èsì náà, 2.85, kò dé 4.5. Kò tilẹ̀ dé 3.

Àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í ní ipa kan náà. Nínú ìṣirò náà, ewé ló ń kó 0.7152 nínú ìmọ́lẹ̀, pupa ń kó 0.2126, búlúù sì ń kó 0.0722 péré, torí bí ojú èèyàn ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ewé tó mọ́ jù, #00ff00, kọ̀wé sórí funfun, 1.37 lẹ máa rí. Pupa tó mọ́ jù máa fún yín ní 4.0, búlúù tó mọ́ jù sì máa fún yín ní 8.59. Àwọ̀ mẹ́ta tí gbogbo wọn ń pariwo lójú, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló ṣeé fi kọ ọ̀rọ̀ kékeré sórí funfun.

Ẹ kò nílò láti fọwọ́ ṣe ìṣirò yìí. Nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ ọ̀rọ̀ tó ń yọ yín lẹ́nu, kí ẹ yan Inspect. Nínú Styles, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ color sí, kí ẹ tẹ àpótí àwọ̀ kékeré tó wà níwájú rẹ̀. Ìlà kan á jáde tí wọ́n kọ Contrast ratio sí, pẹ̀lú iye náà. Ẹ lè máa sún àwọ̀ náà síbí sọ́hùn-ún títí iye náà á fi dé ibi tó yẹ.

Ẹ ṣọ́ra ní ẹnu ààlà. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fẹ́ràn #777777, torí ó rọrùn láti rántí. Iye rẹ̀ lórí funfun jẹ́ 4.48. Ẹlòmíràn á ní ẹ jẹ́ ká pè é ní 4.5. Ìlànà náà kò gbà bẹ́ẹ̀: ohun tí kò pé kò pé. Ẹ dín in kù díẹ̀ sí #767676, ó di 4.54, ó sì yege. Kò sẹ́ni tó máa fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.

Ibi tí irinṣẹ́ náà ti máa ń kùnà ni orí àwòrán. Bí ọ̀rọ̀ funfun bá wà lórí fọ́tò ọjà, kò sí àwọ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo tí irinṣẹ́ lè fi wé e, nítorí náà ó lè má gbé iye kankan jáde rárá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sí àṣeyọrí. Ibi tó mọ́ jù lọ nínú fọ́tò náà lẹ máa mú àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi wé ọ̀rọ̀ náà. Bí ibẹ̀ kò bá yege, ẹ ta aṣọ dúdú fẹ́lẹ́ sáàárín fọ́tò àti ọ̀rọ̀.

Ó wá ku 0.05 yẹn. Kí ló ń ṣe nínú ìṣirò? Ìmọ́lẹ̀ àyíká ló dúró fún, èyí tó ń kọ lu ojú fóònù tó sì ń padà wá sí ojú wa, tó ń da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ dúdú àti funfun bákan náà. Inú ilé ni 0.05 ti ń gbé. Ká ní oòrùn ibùdókọ̀ sọ ọ́ di 0.5. Dúdú lórí funfun, tó jẹ́ 21 nínú yàrá, á já wálẹ̀ sí 3. Eérú tó jẹ́ 2.85 á di 1.83. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nìyẹn: ojú wa kò ní àìsàn, oòrùn ló jẹ ìwọ̀nba ìyàtọ̀ tí oníṣẹ́ fi sílẹ̀ fún wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ṣe ojú ìwé tí àwọn èèyàn ń ṣí ní títì, 4.5 ni ìsàlẹ̀ àgbá, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. #333333 lórí funfun jẹ́ 12.63, eérú ṣì ni. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ lé oníbàárà lọ́wọ́, ẹ gbé fóònù yín jáde sí oòrùn aago méjì ọ̀sán, kí ẹ ka nọ́ńbà náà sókè.